Ìlà Méje Tí Apòògùn Fi Ń Tọrọ Iṣẹ́

Ní alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù keje, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì níwájú mi. Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Ibi iṣẹ́ mọ́kànlá ni mo ti kọ̀wé sí. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn.”

Apòògùn ni ọmọ náà, bí èmi náà ti jẹ́. Ó ti ka ìwé rẹ̀ parí, ó ti ṣe ìntánṣíìpù ọdún kan, ó ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, ó sì ti lé lọ́dún méjì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní fámásì kan ní Ìbàdàn. Mo mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Mo ṣí ímeèlì tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo síìfíì mi tí mo so mọ́ ìwé yìí. Ẹ ṣeun.” Níbi tí wọ́n ti ń kọ `Subject`, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: `CV`. Orúkọ fáìlì tó so mọ́ ọn ni `CV new final 2.docx`.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi kọ ọ́ báyẹn. Ó ní, “Àǹtí, wọ́n ní ká má ṣe kọ ìwé gígùn. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń kà á. Gbogbo nǹkan ló kúkú wà nínú síìfíì.”

Òótọ́ ni pé kò yẹ kí ìwé náà gùn. Àmọ́ kúkúrú yàtọ̀ sí òfìfo. Mo ti ṣe olórí ẹ̀ka oògùn ní ilé ìwòsàn aládàáni fún ọdún púpọ̀, èmi náà ni mo sì máa ń ka ìwé àwọn tó ń wá iṣẹ́ nígbà tí apòògùn kan bá kúrò. Mo mọ bí àwọn ìwé yẹn ṣe ń rí lójú ẹni tó jókòó sí òdìkejì. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, akọ̀wé ilé ìwòsàn á ti kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Akọ̀wé náà kì í ṣe apòògùn. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dáadáa àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ní kó wò kò ju mẹ́ta lọ: ṣé láísẹ́ǹsì ẹni yìí ṣì wà lójú iṣẹ́, ṣé ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ tó iye tí a béèrè, ṣé ó sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a nílò rẹ̀. Ìwé tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú kan náà, á gbé e wá fún mi. Èyí tí kò bá dáhùn, tó fi ní láti ṣí fáìlì, kó máa wá ọjọ́ kiri nínú ojú ìwé mẹ́rin, á sọ ọ́ sí apá kan pé òun á padà sí i. Kì í sábà padà sí i.

Ìdí tí ìbéèrè láísẹ́ǹsì fi ṣáájú gbogbo rẹ̀ kò hàn sí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ oògùn, mo sì rí i pé kò hàn sí ọmọ tó jókòó tì mí náà. Ó ń wo ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó ń wá owó oṣù. Ẹni tó polówó iṣẹ́ ń wo ó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìlẹ̀kùn yóò fi lè ṣí láàárọ̀. Nílẹ̀ Nàìjíríà, fámásì kankan kò gbọ́dọ̀ wà láìní apòògùn alábòójútó tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilé náà lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn. Láti ọdún 1992 ni òfin ti dá Ìgbìmọ̀ yẹn sílẹ̀, òfin tuntun ọdún 2022 sì rọ́pò ti àtijọ́. Ẹnì kan kò lè jẹ́ alábòójútó ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí apòògùn alábòójútó bá kúrò lónìí tí a kò sì tíì rí ẹlòmíràn fi sípò rẹ̀, oníléeṣẹ́ wà nínú ewu. Àwọn tó ń bẹ fámásì wò lè ti ilé náà pa. Torí náà, nígbà tí ìpolówó iṣẹ́ bá jáde, ó lè jẹ́ pé ẹni tó gbé e jáde kò sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ kan.

Láísẹ́ǹsì tí mo ń wí yìí kì í ṣe ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ẹ̀ẹ̀kan láyé ni wọ́n ń gbà á. Láísẹ́ǹsì jẹ́ àṣẹ ọdọọdún. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ni agbára rẹ̀ máa ń parí, àfi kí èèyàn tún un ṣe fún ọdún tó ń bọ̀, kó sì ti lọ sí ẹ̀kọ́ àkànṣe tí Ìgbìmọ̀ ní kí gbogbo wa máa lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ìforúkọsílẹ̀ ìgbà díẹ̀ ló ní, òun ló sì máa lò títí yóò fi ṣe ìntánṣíìpù tán, tí yóò fi yege nínú ìdánwò tó ṣáájú ìforúkọsílẹ̀ kíkún. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ alábòójútó. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn pátá ló ń pe ara wọn ní apòògùn nínú ímeèlì, kò sì sí bí akọ̀wé ṣe lè mọ èwo ni èwo bí wọn kò bá sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ sókè. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n máa ń fi láísẹ́ǹsì wọn há ẹlòmíràn lọ́wọ́. Apòògùn á gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣí fámásì, á fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ oògùn rárá ló máa ń wà lẹ́yìn káńtà. “Forúkọ sílẹ̀ kí o máa lọ” ni wọ́n ń pe àṣà yìí. Ó ń pa àwọn aláìsàn lára, nítorí pé ẹni tó mọ̀ pé oògùn méjì kan kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú ara kan náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàdé. Ó ń ba ìwáṣẹ́ jẹ́ pẹ̀lú. Mo ti gba apòògùn kan rí, ọkùnrin tó mọ̀wé, tó sì mọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí a fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé wa, a rí i pé orúkọ náà ti wà lórí fámásì kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn láti ọdún mẹ́ta. Ó ní òun ti gbàgbé rẹ̀. Oṣù méjì gbáko la fi dúró kí wọ́n tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò tún lè ka ìwé apòògùn kankan kí n má máa wá ìlà kan ṣoṣo: níbo ni orúkọ ẹni yìí wà báyìí?

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní, “Àǹtí, orúkọ tèmi kò sí níbì kankan. Ọ̀gá mi tó ni fámásì ni alábòójútó. Igbá kejì ni mo jẹ́.”

Mo ní, “Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ tó níye lórí jù lọ nìyẹn nínú gbogbo ohun tí o lè sọ fún wọn, kò sì sí nínú ìwé rẹ.”

A wá ìpolówó kan tó ṣì wà nílẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn ló gbé e jáde: wọ́n ń wá apòògùn kan tó ti lo ọdún méjì ó kéré tán lẹ́yìn agùnbánirọ̀, tó lè gba iṣẹ́ alẹ́ méjì lọ́sẹ̀, tó mọ ìtọ́jú oògùn inú fíríìjì. Kí síìfíì dé kó tó di ọjọ́ Fúráìdè. Mo ní kó mú bírò, kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè. Ó jẹ́ mẹ́ta. Mo ní kó tún kọ ohun tí wọn kò béèrè ṣùgbọ́n tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn wọn: láísẹ́ǹsì, ibi tí orúkọ wà, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta nìyẹn náà. Ohun mẹ́fà, ó parí. Ohun yòówù tó bá kù, kó lọ jókòó sínú síìfíì.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́, bí wọ́n ti máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Bó ṣe rí nígbà tí a parí rẹ̀ nìyí, tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá:

“Sí Olórí Ẹ̀ka Oògùn,

Ipò apòògùn tí ẹ polówó ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó kọjá ni mo ń kọ̀wé fún. Mo ti forúkọ sílẹ̀ ní kíkún lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀, láísẹ́ǹsì ọdún yìí wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi sì wà lórí síìfíì lókè pátápátá. Orúkọ mi kò sí lórí fámásì kankan gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Ó di ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń ṣe igbá kejì apòògùn ní fámásì kan ní Ìbàdàn, níbi tí fíríìjì ínsúlíìnì àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wà ní ìkáwọ́ mi: mo ń kọ ìwọ̀n òtútù rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì ní ètò fún ọjọ́ tí iná bá lọ. Mo lè gba iṣẹ́ alẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Oṣù kan ni mo gbọ́dọ̀ fi ṣáájú sọ fún ibi tí mo wà, nítorí náà mo lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án. Síìfíì olójú ìwé méjì ni mo so mọ́ ìwé yìí, màá sì mú ojúlówó àwọn ìwé ẹ̀rí mi wá bí ẹ bá ránṣẹ́ pè mí.”

Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Gbólóhùn méje ni. Lójú fóònù, èèyàn lè kà á tán láìní fi ìka yí i sókè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Gbólóhùn kẹrin ló gbà wá lásìkò jù, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí òun ni apòògùn fi ń mọ apòògùn. Nínú síìfíì rẹ̀ àtijọ́, ohun tó kọ ni pé òun ní ìmọ̀ tó jinlẹ̀ nípa ìtọ́jú oògùn tó ń fẹ́ òtútù. Ẹnikẹ́ni lè kọ ìyẹn. Mo ní kó sọ ohun tó máa ń ṣe gan-an láti ìgbà tó bá ti dé ibi iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà, bí ẹni tó ń ròyìn ilé rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti ṣílẹ̀kùn, òun kì í tíì bọ́ báàgì lọ́rùn tí òun á ti lọ wo tẹmómítà fíríìjì. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Òun á kọ ọ́ sínú ìwé, òun á fọwọ́ sí i. Bí òun bá fẹ́ máa lọ lálẹ́, òun á tún wò ó. Bí iná bá lọ, wọn kì í ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì títí jẹnẹrétọ̀ á fi dáhùn. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá dáhùn, kúlà kan wà ní ìmúrasílẹ̀ pẹ̀lú yìnyín àdìpọ̀, òun á sì fi páálí la àárín yìnyín àti ínsúlíìnì kí wọ́n má fara kan ara wọn.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò gbọ́dọ̀ fara kanra. Ó ní, “Ṣebí bí ínsúlíìnì bá ti dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, Àǹtí. Bó bá tiẹ̀ yọ́ padà, a gbọ́dọ̀ dà á nù ni. Lójú, ó lè dà bíi pé kò ṣe é ní nǹkan kan, aláìsàn á gún un, súgà rẹ̀ kò ní wálẹ̀.”

Ẹni tí kò tíì tọ́jú fíríìjì oògùn rí kò lè sọ ọ̀rọ̀ páálí yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ooru nìkan ló ń ba oògùn inú fíríìjì jẹ́. Òtútù tó pọ̀ jù náà ń bà á jẹ́, ẹni tó sì ti rí i rí á máa bẹ̀rù méjèèjì. A kò lè kó gbogbo rẹ̀ sínú ímeèlì, torí náà a mú nǹkan méjì péré níbẹ̀, ìwọ̀n òtútù tí ó ń kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ àti ètò ọjọ́ tí iná bá lọ. Mo mọ̀ pé bí olórí ẹ̀ka oògùn kan bá ka “ètò fún ọjọ́ tí iná bá lọ,” ó máa fẹ́ mọ irú ètò tó jẹ́. Á pè é wá kó lè bi í. Iṣẹ́ tí gbólóhùn yẹn wá ṣe nìyẹn.

Ó tún fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ní ìtara, òun lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, òun sì lè ṣiṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá wọni lọ́rùn. Mo ní kó yọ ọ́. Kì í ṣe pé irọ́ ni. Gbogbo ìwé tó máa wà nínú àpótí ímeèlì lọ́jọ́ náà ló máa sọ ọ́, kò sì sí bí ẹni tó ń kà á ṣe lè fi dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀. Ó tún fẹ́ béèrè iye owó oṣù. Mo ní bí ìpolówó kò bá ní kí èèyàn dárúkọ iye tó ń retí, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n bá jọ jókòó.

A wá dé orí `Subject`. Mo ní kó kọ orúkọ ipò náà, ìlú, àti orúkọ ara rẹ̀, ní ìtẹ̀léra yẹn. Ilé ìwòsàn kan lè máa wá nọ́ọ̀sì, apòògùn àti awakọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, kí gbogbo ìwé sì wọlé sínú àpótí kan. Ìwé tí àkọlé rẹ̀ kò ju `CV` lọ, ta ló mọ̀ bóyá ti awakọ̀ ni? Bí ìpolówó bá sì ti sọ àkọlé tó fẹ́, bóyá nọ́ńbà kan tàbí ọ̀rọ̀ kan, bó ṣe wí gan-an ni kí èèyàn kọ ọ́, nítorí pé akọ̀wé lè máa fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣa àwọn ìwé jọ.

Fáìlì náà, a sọ ọ́ di `.pdf`. Síìfíì tó wà ní `.docx` lè dára lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́, kó sì dàrú lórí fóònù ẹni tó ń kà á, kí ìlà já sí méjì, kí ọjọ́ sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. A fi orúkọ ìdílé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ `Pharmacist_CV` sọ fáìlì náà. Ẹni tó ń gba síìfíì máa ń kó wọn jọ sí ojú kan, bí ogún nínú wọn bá sì ń jẹ́ `CV.pdf`, ọ̀kan lè bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo ní kó má ṣe mọ́ láé. Nínú àwọn ìwé mọ́kànlá tó ti kọ, ó ti fi fóònù ya ìwé ẹ̀rí mẹ́fà, ó sì so gbogbo wọn mọ́ mẹ́rin nínú wọn. Àwòrán kọ̀ọ̀kan tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 24, ó sì rò pé kò sí wàhálà, nítorí pé 25 ni Gmail sọ pé òun lè gbé. Ohun tí kò mọ̀ ni pé kí ímeèlì tó lè gbé àwòrán, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di lẹ́tà, èyí sì máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Mẹ́gábáìtì 24 di nǹkan bí 32. Nígbà tí ẹrù bá pọ̀ jù báyìí, Gmail lè gbé e sínú Drive, kó sì fi líǹkì rọ́pò rẹ̀. Bí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò bá sì ṣí líǹkì náà sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbà á, ohun tí akọ̀wé máa rí ni ojú ìwé kan tó ní kó tọrọ àyè kó tó wọlé. Akọ̀wé wo ló máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́? A wo àpótí rẹ̀ dáadáa, a sì rí i pé méjì nínú àwọn ìwé mẹ́rin náà ti padà wá pẹ̀lú àlàyé pé wọn kò dé ibi tí wọ́n ń lọ. Kò tíì ṣí àlàyé yẹn rí, ó rò pé ìpolówó ọjà ni. Ó ti ń bínú sí ilé iṣẹ́ méjì tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá.

Àwòrán láísẹ́ǹsì gan-an, mo ní kó má fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀. Gbogbo ohun tí ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ rẹ ṣí fámásì láìjẹ́ pé o mọ̀ ń wá ló wà lórí ìwé yẹn: orúkọ, nọ́ńbà, ọdún. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nínú síìfíì ti tó fún ẹni tó bá fẹ́ wádìí lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀. Bí wọ́n bá ta kú pé àwọn fẹ́ rí i kí wọ́n tó pè é, kó kọ ọ́ gàdàgbà sórí àwòrán náà pé ti ìwáṣẹ́ ní ibi báyìí nìkan ni, pẹ̀lú ọjọ́. Bí ìpolówó kan bá sì ní kí apòògùn kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó gba síìfíì rẹ̀, kó yà kúrò lọ́nà rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti rékọjá sí ìlú Ọba mọ apá kan ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Níbẹ̀, orúkọ gbogbo apòògùn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé lè yẹ̀ wò lórí ayélujára, nọ́ńbà olójú méje ni olúkúlùkù wọn sì ní. Ẹni tó bá lọ láti ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìwé sí i, kó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ 52, kó sì yege nínú ìdánwò kó tó gba nọ́ńbà yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Mánṣẹ́sítà sọ fún mi pé nọ́ńbà olójú méje yẹn ni òun máa ń fi sí ìlà kìn-ín-ní ímeèlì òun, ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á sì tẹ̀ lé e, kí òun tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ìbéèrè ẹni tó ń gbaniṣẹ́ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn.

Ó ku oṣù kìn-ín-ní ọdún, tó jẹ́ ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣìṣe. Ẹni tó bá kọ̀wé wá ní ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní pé láísẹ́ǹsì òun wà lọ́wọ́, tó sì jẹ́ pé ti ọdún tó kọjá ni, kì í ṣe pé ó fẹ́ parọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni ìwé rẹ̀ pa. Kó sọ ọ́ bó ṣe rí: òun ti san owó ìsọdọ̀tun ní ọjọ́ báyìí, òun ń retí ti ọdún tuntun. Mo ti gba ẹni tó sọ ọ́ báyẹn rí, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni ọjọ́ inú ímeèlì àti ti inú síìfíì gbọ́dọ̀ bára mu. Nígbà tí a ka tirẹ̀ papọ̀ kẹ́yìn, ímeèlì sọ pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, àmọ́ ọjọ́ tó wà nínú síìfíì fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mú un jẹ́ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Ọdún ló ṣì kọ. Ìyẹn nìkan tó láti mú kí wọ́n rò pé ó fi ọdún kan kún un nítorí ìpolówó tó béèrè ọdún méjì. Ó tún un ṣe.

Agogo mẹ́wàá ti lù. Ó fẹ́ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá lẹ́ẹ̀kan náà, kó kó gbogbo àdírẹ́sì wọn sínú `To`. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù wọn á rí orúkọ àwọn mẹ́wàá tó kù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ méjì àti fíríìjì kò sì sí nínú ìpolówó àwọn yẹn. Kó kọ́kọ́ fi ti èyí ránṣẹ́. Àwọn tó kù, kó ka ìpolówó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n béèrè, kó sì pààrọ̀ gbólóhùn kẹrin àti ìkarùn-ún.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, ó pè mí láti ibi iṣẹ́, ohùn rẹ̀ ò sì jáde dáadáa nítorí pé ẹ̀yìn àwọn páálí oògùn ló sá sí kí ọ̀gá rẹ̀ má baà gbọ́. Wọ́n ti fèsì. Ó ka èsì náà fún mi: kó wá ní ọjọ́ Túsìdeè ní agogo mẹ́wàá, kó mú ojúlówó láísẹ́ǹsì rẹ̀ dání, olórí ẹ̀ka oògùn sì fẹ́ gbọ́ ohun tó máa ń ṣe nígbà tí iná bá lọ.

“Àǹtí,” ó ní, “ṣé kí n mú ìwé tí mo ń kọ òtútù sí dání?”

Mo ní ti fámásì tó wà ni ìwé yẹn, kó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kó lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ páálí.